Tí kónílé-ó-gbélé bá wà, ṣé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti dópin ni?

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Gómìnà wa kéde kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀, nítorí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò méjì. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gun ọ̀kadà gbé aládùúgbò wa kan tó ń rọbí lọ sí ọsibítù. Ìgbà tó ń padà bọ̀, ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì gba ọ̀kadà rẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí, kò tíì fojú kan adájọ́, bẹ́ẹ̀ kóòtù májísíréètì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí àgọ́ wọn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, ọ̀gá wọn ní, 'Ìyá, àsìkò pàjáwìrì la wà yìí, kò sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lásìkò pàjáwìrì.' Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo lè ṣe?"

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú, ẹ sì kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ọlọ́pàá náà sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Kónílé-ó-gbélé tí gómìnà kéde yàtọ̀ pátápátá sí ipò pàjáwìrì tí ìwé òfin ilẹ̀ wa mọ̀. Kódà, ká ní ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ló kéde ipò pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ yín, ìkéde yẹn nìkan kò fún ọlọ́pàá kankan láṣẹ láti ti ọmọ yín mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìmú un dé iwájú adájọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí agbára ìjọba dé àti ibi tó ti dúró, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa sọ tí ẹ bá tún padà síbẹ̀, kí agbẹjọ́rò tí ẹ bá sì gbà rí ibi tó máa gbá mú.

Orí kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà, láti abala 33 títí dé abala 46. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó wọ aṣọ ìjọba, rò pé bákan náà ni gbogbo wọn rí, pé tí ìjọba bá ti lè dín ọ̀kan kù, ó lè dín gbogbo wọn kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 45 ló sọ èyí tí ìjọba lè dín kù àti bí yóò ṣe dín in kù, ọ̀nà méjì ló sì là sílẹ̀. Mo máa ń fi ọ̀nà méjèèjì wé ilẹ̀kùn méjì nínú ilé kan. Ilẹ̀kùn iwájú ń ṣí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n pálọ̀ ló mọ. Ilẹ̀kùn kejì ni ti ìyẹ̀wù, ọwọ́ ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà. Gómìnà yín kò ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá àgọ́ yín kò sì ní in.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn iwájú. Ẹ̀tọ́ márùn-ún péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn náà ni ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹni, ti ilé àti ti ọ̀rọ̀ orí fóònù ẹni. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn àti èrò ọkàn. Ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀tọ́ láti péjọ àti láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àti ẹ̀tọ́ láti lọ kí a sì bọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Abala 37 sí abala 41 ni wọ́n wà. Ìjọba lè dín márààrún yìí kù láìsí ipò pàjáwìrì kankan, tó bá jẹ́ nítorí ààbò orílẹ̀-èdè tàbí ti ará ìlú, nítorí àlàáfíà ìlú, ìwà ọmọlúàbí tàbí ìlera gbogbo ènìyàn, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ibí ni kónílé-ó-gbélé bọ́ sí, nítorí lílọ àti bíbọ̀ ló ń dí lọ́wọ́. N kò ní purọ́ fún yín pé gómìnà kò lè dá kónílé-ó-gbélé sílẹ̀ láé. Níbi tí ìjà ti ń pa ènìyàn, ó lè jẹ́ ohun tó tọ́ láti ṣe.

Ṣùgbọ́n abala 45 kò sọ pé ìjọba lè ṣe é bó bá ṣe wù ú. Ó ní òfin gbọ́dọ̀ wà, òfin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bójú mu ní àwùjọ tó ń lo ìjọba tiwa-n-tiwa. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà, òfin. Ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà lórí rédíò kì í ṣe òfin. Àwọn ará Èkó ló fi ojú ara wọn rí èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn lójú pópó láti aago méje sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá parí oṣù, nítorí ìmọ́tótó àyíká. Wọ́n mú obìnrin kan nítorí pé ó wà níta ní àsìkò náà, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní ọdún 2016 ilé ẹjọ́ náà sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò le láti yé ènìyàn: àṣẹ ẹnu gómìnà kò lè di ẹ̀ṣẹ̀ sí ará ìlú lọ́rùn. Abala 36 ìwé òfin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ohun tí òfin àkọsílẹ̀ kò pè ní ẹ̀ṣẹ̀, tí kò sì sọ ìyà tó tọ́ sí i. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò yín máa bi ìjọba ni pé, "Òfin wo ni gómìnà tẹ̀ lé nígbà tó kéde kónílé-ó-gbélé yìí, ìwé wo ló fọwọ́ sí, níbo ni wọ́n sì ti kọ ìyà ẹni tó bá rú u?" Ìpínlẹ̀ míràn ní òfin bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì mú un jáde. Òmíràn kò ní ju fídíò ìkéde lọ.

Ní ti àìsàn kòrónà, òfin àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ìlànà kan lábẹ́ òfin àrùn àkóràn tí àwọn Òyìnbó ṣe ní ọdún 1926, ó sì fi dá ìrìn dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní Abùjá àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn agbẹjọ́rò jà lórí bóyá òfin àtijọ́ yẹn lè gbé ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn wọn sì ní ìtumọ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí: ààrẹ kò kéde ipò pàjáwìrì. Ilẹ̀kùn iwájú ló gbà wọlé. Ìyẹn ni pé ìrìn àti ìpéjọ nìkan ló lè dá dúró. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí wà níbi tó wà, ẹ̀tọ́ kí a má ti ènìyàn mọ́lé láìtọ́ náà kò sì yẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn agbófinró kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà gba ẹ̀sùn 105 káàkiri, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 nígbà tí wọ́n ń mú kí àwọn ará ìlú tẹ̀ lé àṣẹ náà. Nígbà yẹn, iye tí àìsàn náà pa ní Nàìjíríà kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Mo wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó ń sáré káàkiri ní àsìkò yẹn. Ní àgọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ti ọmọkùnrin kan tó ń gbé búrẹ́dì kiri mọ́lé, búrẹ́dì rẹ̀ sì wà lórí káńtà, ó ti gbẹ. Mo ṣí ìlànà tí ààrẹ fọwọ́ sí lórí fóònù mi, mo sì fi ibi tó ti yọ àwọn tó ń pín oúnjẹ sílẹ̀ han ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ààrẹ ti sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ohun tí ààrẹ kọ ni mo ń fi hàn yín yìí." Wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ èyí nítorí pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àṣẹ kónílé-ó-gbélé ló máa ń yọ àwọn kan sílẹ̀, àwọn tó ń lọ gba ìtọ́jú sì sábà máa ń wà lára wọn. Ẹ wá ẹ̀dà àṣẹ gómìnà yín, kí ẹ wo bóyá ẹni tó gbé aláboyún lọ sí ọsibítù wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ọmọ yín kò ṣẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn kejì, èyí tí ọ̀gá ọlọ́pàá náà fẹnu ṣí nígbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, tó wà ní abala 33, àti ẹ̀tọ́ sí òmìnira ara ẹni, tó wà ní abala 35. Kí ìjọba tó lè fọwọ́ kan méjì yìí kọjá ohun tí àwọn abala náà fúnra wọn gbà láàyè, àsìkò pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin sì ti túmọ̀ àsìkò pàjáwìrì kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀: ìgbà tí ìkéde tí ààrẹ ṣe lábẹ́ abala 305 bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Kò sí òmíràn. Ìjà àdúgbò, bó ti wù kó le tó, kò lè sọ ara rẹ̀ di àsìkò pàjáwìrì.

Bí ìkéde yẹn ṣe ń rí nìyí. Ohun tó fà á gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan ńlá: ogun, tàbí ọ̀tá tó fẹ́ ya wọ ilẹ̀ wa, tàbí kí àlàáfíà ìlú ti dàrú débi pé ó nílò ìgbésẹ̀ àrà ọ̀tọ̀, tàbí kí ewu pé yóò dàrú bẹ́ẹ̀ hàn gbangba, tàbí àjálù, tàbí ohun mìíràn tó lè pa orílẹ̀-èdè run. Gómìnà náà lè bẹ ààrẹ pé kó kéde rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ òun, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ààrẹ á tẹ ìkéde náà jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sí olórí ilé aṣòfin àgbà àti ti ilé aṣojú-ṣòfin, àwọn náà á sì pe àwọn ọmọ ilé wọn jọ. Tí àwọn aṣòfin bá wà lẹ́nu ìjókòó, ọjọ́ méjì ni wọ́n ní. Tí wọ́n bá wà lẹ́nu ìsinmi, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan kò bá fọwọ́ sí i láàárín àkókò yẹn, ìkéde náà ti kú. Gbogbo ọmọ ilé ni òfin wí, kì í ṣe àwọn tó wá lọ́jọ́ náà nìkan: aṣòfin àgbà 73 nínú 109, àti aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́fà ló lè lò kí wọ́n tó tún un ṣe, àwọn aṣòfin sì lè fòpin sí i kó tó pé bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè rí i pé nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí Ààrẹ Olusegun Obasanjo kéde rẹ̀ ní Èkìtì ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́. Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ méjì, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe fi ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" dìbò, nítorí a kì í fi etí ka ìdá méjì nínú mẹ́ta. Èmi gbà pé àwọn tó ṣàríyànjiyàn náà jàre. Òfin tó béèrè iye pàtó ń béèrè pé kí wọ́n ka orí. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àsìkò pàjáwìrì la wà, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí ààrẹ kéde rẹ̀ àti ọjọ́ tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ìkéde kankan.

Ká wá sọ pé ìkéde náà wà lóòótọ́. Ohun tí ìjọba bá ṣe sí ẹ̀mí tàbí òmìnira ènìyàn ní àsìkò náà gbọ́dọ̀ wá láti inú òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe, kò sì gbọdọ̀ ju ohun tó yẹ láti fi kojú wàhálà tó wà nílẹ̀ lọ. Ní ti ẹ̀mí, ikú tó wá láti inú ogun nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Kò sí àsìkò pàjáwìrì tó sọ ọ́ di ohun tó tọ́ kí ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn torí pé ó wà níta lálẹ́. Bákan náà ni ìjọba kò lè ṣe òfin lónìí kó fi mú ènìyàn fún ohun tó ṣe lánàá, nígbà tí nǹkan náà kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀, kò sì lè fi ìyà tó le ju ti àná lọ jẹ ẹ́. Abala 45 dárúkọ èyí gan-an pé ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwa ọmọ Yorùbá ló yẹ kó mọ apá yìí dunjú, nítorí ilẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Majekodunmi ṣe alábòójútó ẹkùn náà. Alábòójútó yìí bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn ní àṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ kúrò ní ibi tí òun bá là sílẹ̀ fún wọn. Olóyè Rotimi Williams, agbẹjọ́rò àgbà, wà lára wọn. Williams pè é lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni láti pinnu bóyá ipò pàjáwìrì yẹ kó wà, wọn kò sì ní gba iṣẹ́ náà ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbéèrè kejì wà tó jẹ́ ti ilé ẹjọ́: ẹni yìí, níbí yìí, ní àkókò yìí, ṣé dídá a dúró sójú kan yẹ láti fi kojú wàhálà tó wà nílẹ̀? Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó yẹ, wọ́n sì fagi lé àṣẹ náà. Ìpìlẹ̀ ìdájọ́ wọn ni pé ìjọba kò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àfi tí àǹfààní gbogbo ìlú bá mú un di dandan, kò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ jìnnà ju ibi tí àǹfààní náà nílò lọ.

Ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀kùn méjèèjì kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Abala 45 kò dárúkọ ẹ̀tọ́ sí iyì ènìyàn, tó ní a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró. Kò dárúkọ ẹ̀tọ́ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìbí ẹni yà á sọ́tọ̀. Kò dárúkọ ohun ìní, tó wà ní abala 43 àti 44. Tí wọ́n bá na ọmọ yín, tàbí tí wọ́n mú un fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú pópó bí wọ́n ti máa ń ṣe, kò sí àsìkò pàjáwìrì kankan tó lè bò wọ́n láṣìírí. Mo fi kún un pé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní ọdún 1983, kò ní abala kankan tó gba ìjọba láàyè láti pa ẹ̀tọ́ tì nítorí pàjáwìrì. Agbẹjọ́rò tó bá mọ iṣẹ́ á gbé òun náà síwájú ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ti ọmọ yín lé orí òṣùwọ̀n. Kò sí ìkéde ààrẹ, nítorí náà abala 35 wà lódindi fún un. Ọlọ́pàá lè mú ènìyàn tí wọ́n bá fura pẹ̀lú ìdí pé ó rú òfin, n kò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú tí wọ́n mú un ni aago ti bẹ̀rẹ̀ sí ka. Wọ́n mú un ní aago méje kọjá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó di irú aago bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́rú, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un sínú ìwé, ní èdè tó gbọ́. Ó lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Níwọ̀n bí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ti wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ìbá ṣe pé ilé ẹjọ́ jìnnà, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ. Kóòtù tiyín wà ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ti fi kọjá àyè wọn.

Ọ̀kadà rẹ̀ náà ńkọ́? Wọ́n lè pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí òfin bá fàyè gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbẹ́sẹ̀ lé e títí láé tàbí kí wọ́n tà á láìjẹ́ pé òfin àkọsílẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi gbà á.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ wádìí nǹkan méjì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bí èyí ti máa ń bàjẹ́. Èkíní ni bóyá wọ́n ti gba àṣẹ ìtìmọ́lé lọ́wọ́ májísíréètì láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọ́n lè ti gbé ìwé lọ bá adájọ́ láìgbé ọmọ náà dání. Tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá wà, agbẹjọ́rò yín ní láti kọ́kọ́ kọjú sí i, kó wo iye ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ àti bóyá ọjọ́ náà ti pé. Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Abala 35 sọ pé òté tó de ìtìmọ́lé fún ìgbà pípẹ́ kò de ọ̀ràn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n mú nítorí kónílé-ó-gbélé fi máa ń di adigunjalè lójijì nínú ìwé wọn tí ọjọ́ bá ti pọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ má ṣe jáyà. Abala náà ní ìfura wọn gbọ́dọ̀ ní ìdí, ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun á sì jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un.

Nítorí náà, ẹ̀rí ni iṣẹ́ yín lónìí. Ẹ lọ bá aládùúgbò tó bímọ náà, kí ẹ gba ẹ̀dà káàdì ọsibítù rẹ̀, èyí tó ní ọjọ́ àti aago tó wọlé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó rí ọmọ yín nígbà tó ń gbé obìnrin náà lọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago gbogbo ìgbà tí ẹ ti lọ sí àgọ́, orúkọ tàbí nọ́ńbà tó wà láyà ọlọ́pàá tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àti ohun tó sọ, títí kan ọ̀rọ̀ pé kò sí ẹ̀tọ́ lásìkò pàjáwìrì. Tí ẹ bá ti san owó kankan fún wọn, ẹ kọ ìyẹn náà. Béèlì kì í ṣe ohun tí a ń rà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá gbé ìwé fún ọmọ náà pé kó fọwọ́ sí, kó kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ pé wọ́n mú un. Mo ti rí ibi tí ọjọ́ kẹsàn-án ti di ọjọ́ kìíní nínú ìwé, tí ẹni tó wà ní àtìmọ́lé sì fọwọ́ sí i torí pé ó fẹ́ lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ yín ló kàn. Abala 46 gba ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lójú lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú, láàyè láti lọ síbẹ̀. Ìlànà tó wà fún irú ẹjọ́ yìí láti ọdún 2009 mú un rọrùn. Ẹ̀yin lè pe ẹjọ́ náà lórúkọ rẹ̀ níwọ̀n bí ó ti wà ní àhámọ́. Àlàyé ṣókí ni agbẹjọ́rò máa kọ, pẹ̀lú ìwé ìbúra tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Ìlànà náà ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá ti gbé ẹjọ́ náà wọlé. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé òmìnira ènìyàn ló wà nílẹ̀, agbẹjọ́rò lè bẹ adájọ́ pé kó gbọ́ apá kan lójú ẹsẹ̀, kí ọlọ́pàá tó dé, kó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sílé ẹjọ́ tàbí kí wọ́n gba béèlì rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹ rí i pé ó béèrè fún owó gbà-máà-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba pẹ̀lú, nítorí abala 35 fúnra rẹ̀ ló fi méjèèjì fún ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́. Tí agbára owó yín kò bá gbé e, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe agbẹjọ́rò fún aláìní wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn láìgba kọ́bọ̀.

Kí agbẹjọ́rò tó gbé ìwé lọ sí ilé ẹjọ́, kó kọ lẹ́tà ojú-ewé kan sí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yín, kó sọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n mú ọmọ náà, kó fi ẹ̀dà káàdì ọsibítù sínú rẹ̀, kó sì bèèrè òfin tí wọ́n fi mú un àti ìdí tí wọn kò fi gbé e dé kóòtù. Kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Púpọ̀ nínú irú ọ̀ràn yìí máa ń tán ní ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn bá dé. Tí kò bá sì tán, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ máa so mọ́ ìwé ìbúra yín.